Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí a bá ń padà sí ìbéèrè tí a kùnà

Bí Wáẹ́ẹ̀kì bá ti ku oṣù kan àbọ̀, ẹ ó rí àwọn ọmọ ní Sábó, Ìkòròdú, tí wọ́n ń ra ìwé ìbéèrè àtijọ́ mìíràn, nígbà tí èyí tó wà nílé ṣì kún fún àmì pupa tí ẹnikẹ́ni kò padà sí. Ó ń dùn mí, nítorí owó òbí ni. Ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ wà lábẹ́ àmì pupa yẹn. Kó kọ àwọn ìbéèrè tó kùnà yẹn sí káàdì, kó sì padà sí káàdì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 1, 3, 7, 16 àti 30 lẹ́yìn tó kọ ọ́. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, kó lo 1, 3, 7 àti 14. Àwọn tó tiẹ̀ ń ṣe é pàápàá ń bà á jẹ́ báyìí:

1. Wọ́n ń kọ ìdáhùn, wọn kì í kọ ohun tó ṣì wọ́n lọ́nà. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ẹ wo ìbéèrè kẹ́místírì yìí: NaOH 0.1 mol/dm³, mélòó ni yóò tó láti sọ 25 cm³ H₂SO₄ 0.1 mol/dm³ di aláìkan? Ọmọ mú 25 cm³. Ó rí i lẹ́yìn ìwé pé C ni, 50 cm³, ó kọ "C, 50" sẹ́yìn káàdì. Lọ́jọ́ keje, kó tó ka ìbéèrè tán ló ti ń pariwo "C!" Ojú rẹ̀ ló mọ káàdì náà, kò tíì mọ kẹ́místírì rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni pé, kí ló mú mi yan 25? Kò báláǹsì ìkuéṣọ̀n ni:

H₂SO₄ + 2NaOH → Na₂SO₄ + 2H₂O

Mólù ásíìdì kan ń gba mólù NaOH méjì. Nítorí náà, kó yí nọ́ńbà padà níwájú káàdì: 20 cm³ H₂SO₄ 0.1 mol/dm³, mélòó ni NaOH 0.2 mol/dm³ tó máa gbà? Kó kọ ìkuéṣọ̀n sẹ́yìn rẹ̀, kó wá ṣírò: ásíìdì jẹ́ mólù 0.002, NaOH yóò jẹ́ 0.004, 0.004 ÷ 0.2 jẹ́ 0.02 dm³, ìyẹn 20 cm³. Bó bá rí 10, àṣìṣe àtijọ́ ló tún padà wá. Nígbà tó bá di ìgbà kẹta, kó fi HCl rọ́pò H₂SO₄. Ọmọ tó kàn ń sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì yóò kùnà níbẹ̀, torí pé HCl kan, NaOH kan ni.

2. Wọ́n ń yí káàdì padà kí wọ́n tó kọ ìdáhùn sílẹ̀.

3. Wọ́n ń dá káàdì tí wọ́n kùnà padà sí àyè tó wà. Ọjọ́ kìíní ló yẹ kó padà sí, bó tilẹ̀ ti dé ọjọ́ 16.

Ẹ má fi ìwọra kọ káàdì. Bí ẹ bá ń kọ mẹ́wàá lójoojúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń padà ní ìgbà márùn-ún, yóò di àádọ́ta lójúmọ́ tó bá fi máa pé oṣù kan. Káàdì ìṣirò lè gba ìṣẹ́jú méjì, ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú sì nìyẹn kí ẹ tó ṣe iṣẹ́ mìíràn. Mẹ́fà ti tó, yóò gba nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ kò nílò fóònù. Páálí bàtà tí a dá sí yàrá márùn-ún ti tó, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ tí káàdì kàn sí igun rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti pé jọ, ẹ dá káàdì tuntun dúró títí ẹ ó fi kápá àwọn tó wà nílẹ̀.

Káàdì tuntun kò sì gbọ́dọ̀ wọlé mọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìdánwò. Èyí tí ẹ bá kọ ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú kò ní padà ju ìgbà méjì lọ kí ẹ tó wọ gbọ̀ngàn.

Ẹ fi ìbéèrè ọdún méjì pamọ́, ẹ má ṣí i. Lọ́sẹ̀ mélòó kan, ní Sátidé, kí ọmọ ṣe ọ̀kan pẹ̀lú aago. Bí àṣìṣe tó ti wà lórí káàdì bá tún jáde níbẹ̀, káàdì yẹn ni kò dára. Kó fà á ya, kó kọ òmíràn.