Mẹ́wàá Ni Ṣáá: Bí Mo Ṣe Gba Ìjábọ̀ Ọ̀sẹ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tí À Ń Sanwó Fún

Oṣooṣù la ń sanwó fún àwọn kan kí wọ́n lè máa sọ fún wa ní àárọ̀ Ajé iye àròkọ tí àwọn tí a jọ ń du oníbàárà gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti ohun tí wọ́n kọ̀wé lé lórí. Fún ọ̀kan nínú wọn, iye tó ń wá kì í yí padà: 10. Ọ̀sẹ̀ ìsinmi, 10. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé ọjà tuntun jáde, 10. Mo bi àwọn tó ń gbowó wa léèrè, wọ́n ní kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé orí ìjábọ̀ yẹn la gbé ètò wa lé. Ó ní àwọn èèyàn náà ti jáwọ́ nínú àròkọ ìkọ́ni, pé ìròyìn ọjà nìkan ni wọ́n ń kọ. Làwa náà bá dín ìkọ́ni kù.

Mo dá owó náà dúró, mo sì jókòó ti iṣẹ́ náà fúnra mi. Bí a ṣe ń fi Python àti feedparser sórí kọ̀ǹpútà kò le, n kò ní fi dá ẹnikẹ́ni dúró. Fíìdì RSS tí ìtàkùn iléeṣẹ́ tí iye rẹ̀ kì í yí padà yẹn fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni mo ń kà. Mo kọ́kọ́ wo robots.txt wọn, kò sì sí ohun tó ní kí n má kà á.

Ìgbà tí mo kà á ní alẹ́ Àìkú, 10 náà ló tún jáde! Mo bá to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti hàn: èyí tó pẹ́ jù nínú wọn jáde ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Láti Ajé títí di Ọjọ́rú, kò sí ẹyọ kan. Kò sí iléeṣẹ́ tó ń kọ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò dákẹ́ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

WordPress ni wọ́n ń lò. Bí ẹni tó ni ín kò bá yí i padà, àròkọ 10 tó jáde kẹ́yìn nìkan ni fíìdì WordPress máa ń gbé sílẹ̀. Bí ìkọkànlá bá ti wọlé, èyí tó pẹ́ jù yóò já bọ́. Ẹni tó bá ń wá kà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìrù ọ̀sẹ̀ ló ń bá. Ohun tí àwọn tí à ń sanwó fún ń ṣe nìyẹn.

Mo fi `/feed/?paged=2` kún àdírẹ́sì ìtàkùn náà, WordPress sì gbé ojú ìwé kejì jáde fún mi. Àròkọ 7 míì ti ọ̀sẹ̀ yẹn ló wà níbẹ̀, 17 ni àpapọ̀. Márùn-ún nínú méje náà jẹ́ àròkọ ìkọ́ni! Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìkọ́ni jáde, ìròyìn ọjà sì ń tẹ̀ lé e. Wọn ò jáwọ́ nínú ohunkóhun.

Nítorí náà mo ya kíkà sọ́tọ̀ kúrò lára ìjábọ̀. Kọ̀ǹpútà ń ka fíìdì ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, ó ń tọ́jú ohun tó bá rí sínú SQLite. Àárọ̀ Ajé ló tó ń ka iye rẹ̀. Ibi tó ṣe pàtàkì nínú kóòdù náà rèé:

```python
for e in feedparser.parse(url).entries:
    ojo = time.strftime("%Y-%m-%d", e.published_parsed)
    db.execute("INSERT OR IGNORE INTO post VALUES (?,?,?)",
               (e.get("id", e.link), e.title, ojo))
db.commit()
```

Àmì ìdánimọ̀ àròkọ ni `id`. Òun ni mo fi ṣe `PRIMARY KEY`, kí àròkọ kan má baà di méjì. Má ṣe fi àkọlé ṣe é, torí wọ́n máa ń yí àkọlé padà lẹ́yìn tí àròkọ ti jáde.

Bí mo bá tún un ṣe lónìí, àyẹ̀wò kan yìí ni màá kọ́kọ́ kọ: nígbàkigbà tí a bá ka fíìdì, ó kéré tán, ẹyọ kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ti ní tẹ́lẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ tuntun, àfàìmọ̀ kí òmíràn má ti bọ́ sọnù láàárín. Kọ̀ǹpútà mi yóò wá ka ojú ìwé kejì, yóò sì kọ ìkìlọ̀ sí òkè ìjábọ̀. Inú mi dùn sí i gan-an, nítorí ìkìlọ̀ yẹn ni kò sí nínú èyí tí à ń sanwó fún.

Ní ti kókó ọ̀rọ̀, n kò gbára lé `category` inú fíìdì, torí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń fi í sílẹ̀ ní "Uncategorized". Ọ̀rọ̀ inú àkọlé ni mo fi ń pín wọn, èyí tí kò bá sì bá ìpín kankan mu, mo ń fi ojú ara mi wò ó.

Ẹnìkan ní kí n lo `lastmod` inú sitemap. Mo kọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tún ojú ìwé ṣe nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ tó jáde. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún ìtàkùn wọn ṣe, àròkọ ọdún pípẹ́ yóò dà bí tuntun. Ojú ìwé tó sì ń béèrè pé kí n wọlé pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà, n kò dé ibẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìjábọ̀ mi máa ń dárúkọ àwọn ibi tí a kò kà.