Bí Mo Ṣe Yọ Èkó Sọ́tọ̀ Kí Máàpù Ẹ̀ka Wa Tó Ṣeé Kà

₦25,000 ni mo yọ lápò ara mi fún ayàwòrán kan pé kó bá mi ya máàpù ẹ̀ka mọ́kàndínlógún tí a ní, kí n fi ṣe síláìdì ìpàdé ọjà. Odindi Nàìjíríà ló gbé wá, àmì pupa sì ṣù bo Èkó bí èèrà tó rí ṣúgà. Ọ̀gá mi nawọ́ sí i lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ní, "Níbo ni Oṣòdì wà nínú èyí?" Èmi náà ò rí i. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo bá jókòó tì í fúnra mi. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ẹ̀ka wa wà, nítorí náà mo wá máàpù SVG, irú fáìlì àwòrán tó ṣeé tú sí wẹ́wẹ́, mo tẹ Convert to Shape nínú PowerPoint, mo sì pa ìpínlẹ̀ tó kù rẹ́. Kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Èkó ló dá mi dúró, ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Ẹ̀ka mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Mo dín lẹ́tà kù títí ojú fi ń ro mí. Mo fa ìlà láti ara àmì sí orúkọ, àwọn ìlà náà lọ́ mọ́ra wọn. Ìgbà tí mo ṣírò rẹ̀ ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe mí: sẹ̀ntímítà kan lórí síláìdì mi jẹ́ nǹkan bí ogún kìlómítà. Ìkẹjà sí Oṣòdì kò ju bíi kìlómítà márùn-ún, kò tó mílímítà mẹ́ta lórí máàpù, bẹ́ẹ̀ àmì mi nìkan fẹ̀ tó mílímítà márùn-ún! Kí lẹ́tà kékeré fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Mo bá yọ Èkó sọ́tọ̀. Mo fẹ̀ ẹ́ títí sẹ̀ntímítà kan fi di kìlómítà mẹ́ta, mo sọ ọ́ di àwòrán kí n lè gé Àgbádárìgì àti Ẹ̀pẹ́ dànù, mo sì gbé e sápá òsì, níbi tí orílẹ̀-èdè Benin ìbá wà. Mo ya àpótí tínrín yí Èkó kékeré ká, kí wọ́n mọ ibi tí ńlá ti wá. Orúkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gbàyè láìsí ìlà kankan. Inú mi dùn gan-an.

Lórí máàpù ńlá, òbírí kan péré ni mo fi sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún iye ọjà tí a tà. Ìbú òbírí ni mo kọ́kọ́ fi ṣe owó. Èkó ta mílíọ̀nù 64, Èkìtì ta 4: ìlọ́po 16 ni, àmọ́ àyè tí òbírí Èkó gbà jẹ́ ìlọ́po 256! Excel ló tún un ṣe, pẹ̀lú owó láti B2 dé B7:

```
=1.6*SQRT(B2/MAX(B$2:B$7))
```

Èkó di sẹ̀ntímítà 1.6, Èkìtì di 0.4, mo sì tẹ iye wọ̀nyẹn sí Height àti Width.

Ọ̀gá mi rí Oṣòdì lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ wọ́n tún bi mí pé báwo ni Ìkẹjà sí Ajah ṣe gùn ju Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ lọ lórí síláìdì. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ó ti wà lábẹ́ àpótí báyìí: "A fẹ Èkó tó bí ìlọ́po méje." Ẹ kọ tiyín kí ẹ tó wọ ìpàdé.