Ìgbà Tí 32 Kò Gbọdọ̀ Wọ Inú Ìṣirò Ìgbóná: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ń sin adìẹ ní Ìlísàn Rẹ́mọ. Mo ra ẹ̀rọ ìsàba àlòkù kan tí ìwé ìlò rẹ̀ fi Fárẹ́nháìtì kọ gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n tẹ̀mósítáàtì tí rẹwáyà bá mi fi sí i, Sẹ́lísíọ́sì ni ó ń fi hàn. Ìwé náà ní kí n gbé e sí 99.5°F, kí iná sì máa tàn padà bí ìgbóná bá fi 1°F wá sílẹ̀. Fóònù mi sọ 99.5 di 37.5, ó sọ 1 di òdì 17.2. Tẹ̀mósítáàtì kò gba òdì 17.2 rárá. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: 37.5 tọ̀nà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iye kejì ni kí ẹ yí padà sí 0.6. Lórí àwọn pátákó kékeré tí ojú wọn ń fi `P0`, `P1`, `P2` hàn, inú `P1` ni ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sí. Bí tiyín bá yàtọ̀ sí irú èyí, ẹ wá ibi tí ó ń béèrè àlàfo tó wà láàrin ìgbóná tí iná ti ń kú àti ìgbóná tí ó ti ń tún tàn.

Nǹkan méjì tí kò jọra ni ìwé yẹn kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì °F kan náà ni ó fi sí ẹ̀yìn méjèèjì. 99.5 jẹ́ ojú kan pàtó lára tẹ̀mómítà, ojú tí a lè fi ìka tọ́ka sí. 1 jẹ́ àlàfo láàrin ojú méjì, kò sì sí ibi kan lára tẹ̀mómítà tí a lè tọ́ka sí pé òun nìyí. Fóònù yín kò mọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn nínú méjèèjì. Ó ro pé ẹ ń bi í pé, bí ojú ọjọ́ bá tutù dé 1°F, kí ni tẹ̀mómítà Sẹ́lísíọ́sì yóò kà? Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni òdì 17.2, òtútù tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní Rẹ́mọ.

Ibi tí 32 ti wá ni pé ìwọ̀n méjèèjì kò bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ojú kan náà. Níbi tí omi ti ń di yìnyín, Sẹ́lísíọ́sì ka 0, Fárẹ́nháìtì ka 32. Níbi tí omi ti ń hó létí òkun, Sẹ́lísíọ́sì ka 100, Fárẹ́nháìtì ka 212. Nítorí náà, láti yìnyín dé omi híhó, 180 ni dígírì Fárẹ́nháìtì tó wà níbẹ̀, 100 sì ni ti Sẹ́lísíọ́sì. Èyí fi hàn pé dígírì Fárẹ́nháìtì kéré ju ti Sẹ́lísíọ́sì lọ, ó jẹ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́sàn-án rẹ̀, ìyẹn 5/9. Iṣẹ́ méjì ni fọ́múlà tí a kọ́ nílé ìwé ń ṣe papọ̀: ó ń yọ 32 láti mú ìbẹ̀rẹ̀ kíkà méjèèjì bára mu, lẹ́yìn náà ó ń fi 5/9 tún ìwọ̀n dígírì ṣe. Àlàfo kò ní ìbẹ̀rẹ̀ kíkà kankan, nítorí náà iṣẹ́ kejì nìkan ni ó nílò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà ọkọ̀ wò ó. Bí ẹnì kan bá ń ka kìlómítà láti Ṣágámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹlòmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀ kíkà tirẹ̀ ní kìlómítà 32 kí ó tó dé Ṣágámù, iye tí wọn yóò kà ní Odògbolú kò ní bára mu, bẹ́ẹ̀ ni ti Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá béèrè bí Odògbolú ṣe jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde tó, iye kan náà ni àwọn méjèèjì yóò dá, nítorí 32 tó wà nínú kíkà kejì wà ní ìlú méjèèjì, nígbà tí a bá sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó ti bá a lọ.

Ẹ lè fi iye tiyín dán an wò. Iná yóò kú ní 99.5°F, yóò sì tún tàn ní 98.5°F. Ẹ yí àwọn méjèèjì padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ojú tí a kà, kí ẹ tó yọ ọ̀kan nínú èkejì:

```
(99.5 - 32) × 5/9 = 37.50
(98.5 - 32) × 5/9 = 36.94
37.50 - 36.94     =  0.56
1 × 5/9           =  0.56
```

Ìlà kẹta àti ìlà kẹrin bára mu. 0.56 yìí ni mo sún mọ́ 0.6, nítorí pé ìdá mẹ́wàá dígírì ni irú pátákó bẹ́ẹ̀ ń gbà. Ẹ má ṣe fi `P1` sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe wọ́n wá pẹ̀lú 2.0, èyí tó jẹ́ 3.6°F, àlàfo náà sì fẹ̀ jù fún ẹyin.

Ìbéèrè: Ìwé kan náà sọ pé ẹ̀rọ yìí lè mú inú àpótí gbóná ju inú yàrá lọ títí dé 36°F. Mo yí i padà, ó fún mi ní 2.2°C. Yàrá mi máa ń wà ní nǹkan bí 22°C ní ìdájí ìgbà ọyẹ́. 22 àti 2.2 kò dé 37.5. Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á fún mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dá a padà nítorí èyí. 36 ní ìlọ́po 5, tí a pín sí ọ̀nà 9, jẹ́ 20. Ẹ̀rọ náà lè fi 20°C ga ju yàrá lọ, 22 àti 20 sì jẹ́ 42, ó ti kọjá 37.5 tí ẹ ń wá. Bí ìwé náà bá sọ òótọ́, àyè 4.5°C ló ṣì kù fún un kí agbára rẹ̀ tó pin.

Lójú tèmi, àṣìṣe yìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òdì 17.2 kò fara sin, tẹ̀mósítáàtì fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n 2.2°C jọ nǹkan gidi, kò sí ohun tí yóò ké gbàjarè. Bí àlàfo tí a ń yí padà bá ti ju 32 lọ, èsì tí kò tọ́ kì í jẹ́ òdì mọ́, ó kàn máa ń kéré ju bó ṣe yẹ lọ, iye tí ó sì máa ń fi kéré kì í yí padà: 17.8°C ni. Ẹ wò ó: 20 dín 17.8 jẹ́ 2.2. Ọ̀nà kan wà láti dá irú rẹ̀ mọ̀ kí ó tó ṣèpalára. Ẹ tẹ 0 sínú ohun tí ẹ fi ń ṣe ìyípadà. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ láàrin nǹkan méjì ní Fárẹ́nháìtì, kò lè sí ní Sẹ́lísíọ́sì, nítorí náà 0 gbọdọ̀ fún yín ní 0. Bí ó bá fún yín ní òdì 17.8, ojú tẹ̀mómítà nìkan ni ó mọ̀ ọ́n yí padà, ẹ má fi àlàfo lé e lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Mo fi tẹ̀mómítà onígíláàsì kan tí mo fọkàn tán sínú àpótí náà. Ó ka 100.5°F nígbà tí tẹ̀mósítáàtì ń ka 37.5°C. Wọ́n ní `P4` ni a fi ń ṣe àtúnṣe. Kí ni kí n tẹ̀ síbẹ̀?

Ìdáhùn: 0.6, láìsí àmì òdì. Níhìn-ín, ìwọ̀n méjì pàdé, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ mú wọn wá sí ọ̀kan ṣoṣo. 100.5°F jẹ́ ojú tí a kà, 32 gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀: yóò di 38.06°C. Ẹ wá yọ 37.5 kúrò, yóò ku 0.56. Láti ìgbà yìí lọ, àlàfo ni ó ti dà, kò sì sí ohun tó tún kan 32 pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Tẹ̀mósítáàtì ń kà kéré ju òótọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi kún un. Bí ó bá ń kà jù ni, òdì ni ẹ ó tẹ̀, nítorí `P4` ń gba òdì, yàtọ̀ sí `P1`.

Kí ẹ tó gbà pé àtúnṣe náà yẹ, ẹ rí i pé orí tẹ̀mómítà àti imú wáyà tẹ̀mósítáàtì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ní ibi gíga kan náà pẹ̀lú ẹyin. Nínú àpótí tí kò ní fáànù, òkè máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ sì lè wá máa ṣe àtúnṣe ohun tí kò bàjẹ́.

Ìbéèrè: Ìwé náà tún ní kí aago ìkìlọ̀ dún bí ìgbóná bá fi 3°F kọjá ibi tí a gbé e sí. Ojú ibẹ̀ ń béèrè dígírì Sẹ́lísíọ́sì. Ṣé 1.7 ni kí n tẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ti ń yí àlàfo padà dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò fẹ́ àlàfo, ojú tí aago yóò ti dún ni ó ń béèrè. Bí ẹ bá tẹ 1.7, aago náà yóò máa dún láti àárọ̀ dé alẹ́, nítorí inú àpótí ti kọjá 1.7°C tipẹ́tipẹ́. Ẹ ro 1.7 pọ̀ mọ́ 37.5, kí ẹ tẹ 39.2. Ẹ tún lè gba ọ̀nà kejì: 99.5 àti 3 jẹ́ 102.5°F, ẹ yọ 32, ẹ fi 5/9 sọ ọ́ di púpọ̀, 39.2 náà ni yóò jáde.

Ìbéèrè: Mo ń kọ ìgbóná sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Lánàá, 98.6, 99.5 àti 100.4°F ni mo rí. Ọmọ mi bá mi ṣírò rẹ̀ lórí Ẹ́sẹ̀lì: ó wá ìdọ́gba àárín wọn, ó sì wá bí èyí tó ga jù ṣe fi ju èyí tó kéré jù lọ. Ó wá fi `CONVERT` yí méjèèjì padà. Èyí àkọ́kọ́ tọ̀nà, èyí kejì tún di òdì.

Ìdáhùn: `CONVERT` ń yọ 32 ní gbogbo ìgbà, kò ní ọ̀nà tí a lè gbà sọ fún un pé àlàfo ni. Ìdọ́gba àárín ojú mẹ́ta ṣì jẹ́ ojú kan lára tẹ̀mómítà: 99.5°F, tó jẹ́ 37.5°C, 32 sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Láti 98.6 dé 100.4 jẹ́ àlàfo 1.8°F, tó jẹ́ 1.0°C. Kí ọmọ náà kọ ọ́ báyìí, bí ìdọ́gba bá wà ní `A2`, tí àlàfo sì wà ní `B2`:

```
=CONVERT(A2,"F","C")
=B2*5/9
```

Bí kò bá fẹ́ máa rántí èyí tó jẹ́ àlàfo, kí ó kọ́kọ́ yí gbogbo ojú tí ẹ kà padà sí Sẹ́lísíọ́sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 37.0, 37.5 àti 38.0, kí ó tó yọ ohunkóhun nínú ohunkóhun. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù fún ìwé àkọsílẹ̀ tí ènìyàn púpọ̀ ń fọwọ́ kàn, nítorí pé lẹ́yìn ìyípadà yẹn kò sí Fárẹ́nháìtì kankan mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣì yí. Kí ó sì kọ °C sí orí òpó tuntun náà, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ má baà tún un yí lẹ́ẹ̀kejì.