Kí Aago Ọwọ́ Tó Ka Ìṣísẹ̀ Àgbàlagbà Bó Ṣe Yẹ

Aago ìgbàlódé àti fóònù kì í rí ẹsẹ̀. Ìmì ara ni wọ́n ń gbọ́, èyí tó bá sì jọ ti ẹni tó ń rìn ni wọ́n ń kà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń rẹ́ àgbàlagbà jẹ. Ẹni tó ń rọra rìn, tó ń wọ́ ẹsẹ̀, tàbí tó di ọ̀pá mú, apá rẹ̀ kì í fì tó. Ẹni tó sì ń gúnyán lójú kan lè rí ìṣísẹ̀ tí kò rìn lójú aago rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú aago sílẹ̀, kí Bàbá tàbí Ìyá rin 100 ìṣísẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, bí wọ́n ṣe máa ń rìn gan-an, kí ẹnì kan máa kà á sókè. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó wò ó. Bó bá fi 90 sí 110 kún un, ó dára. Bó bá jẹ́ 60 péré, ẹ pààrọ̀ ibi tó wà: bí ọ̀pá bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kí aago wà lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ìrìn, kí ó ki fóònù bọ àpò ṣòkòtò, tàbí kí ó fún un mọ́ ìdí ìró dáadáa. Kẹ́ ẹ tún dán an wò.

Ọ̀pọ̀ aago máa ń dúró kí ìṣísẹ̀ mélòó kan tẹ̀ léra kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nítorí náà ìrìn láti yàrá dé ilé ìdáná lè má hàn. Kò bàjẹ́.

Bó bá jẹ́ fóònù Samsung ló ń dákẹ́ láàárín ọ̀sán, bátìrì tí fóònù ń ṣọ́ ló sábà máa ń fa èyí. Ẹ lọ sí Settings, Apps, Samsung Health, Battery, kí ẹ yan Unrestricted.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10,000 ìṣísẹ̀ lójúmọ́. Láti ara orúkọ ẹ̀rọ kan tó ń ka ìṣísẹ̀, tí wọ́n tà ní Japan ní 1965, ni nọ́ńbà yẹn ti tàn kálẹ̀. Dókítà kọ́ ló kọ ọ́ fúnni. Ẹ rìn bẹ́ ẹ ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ká ní ohun tí aago kà lójoojúmọ́ jẹ́ 2,100, 1,800, 2,600, 900, 2,300, 3,000 àti 2,000. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbàgbé aago sílé lọ́jọ́ tó fi 900 hàn, ẹ yọ ọ́. Mẹ́fà tó kù jẹ́ 13,800; ẹ pín in sí mẹ́fà, ó di 2,300. Ẹ fi 300 kún un, ìyẹn bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ yí góòlù inú áàpù sí 2,600, kí ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó tún fi 300 lé e. Bí orúnkún bá wú tàbí tó ń dùn mọ́jú, ẹ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Àyà dídùn, òòyì tàbí èémí tó há lójijì kì í ṣe ọ̀ràn nọ́ńbà: ẹ jókòó, kí ẹ lọ sí ọsibítù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ ọkọ̀ lójú ọ̀nà tó ní kòtò, nọ́ńbà lè ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má ka ọjọ́ náà mọ́ ìyókù.