Ẹ yọ "ṣé" kúrò nígbà tí ẹ bá ń fetí sí àwọn tó ń mutí

Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ bí a ṣe ń bá àwọn tó ń mutí sọ̀rọ̀ ní Àkúrẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán èyí wò ní méjì-méjì. Kí ẹnì kan ṣe bí bàbá tó ń mutí gan-an: "Ògógóró ló ń jẹ́ kí n sùn, ìyàwó mi kàn ń pariwo ni." Kí ẹnì kejì má bi í ní nǹkan kan, kó má sì gbà á nímọ̀ràn. Kó kàn sọ pé: "Ẹ fẹ́ sùn dáadáa, bàbá, ariwo ilé sì ti ń sú yín." Kò sí "ṣé", kò sí "àbí", torí ìbéèrè máa ń jẹ́ kó gbèjà ara rẹ̀. Bó bá ní, "Rárá o, ẹ̀rù ló ń ba ìyàwó mi," ó dára gan-an, ó ti là á yé yín. Àmọ́ bó bá ń ṣàwíjàre ọtí, ẹ ti ń tì í nìyẹn. Ẹ padà sórí oorun tó sọ.