Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta tó jẹ wá ní ọjọ́ méjì

Iṣẹ́ ọjọ́ kan la bá oníkámẹ́rà ṣàdéhùn, owó ọjọ́ méjì la san. Ó ṣì ń dùn mí. Kámẹ́rà ò bàjẹ́, iná ò lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ fún ọ̀gá àgbà wa láti bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ ló fà á: mo kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ inú gbọ̀ngán.

Ìlà àkọ́kọ́ gan-an ló ti kọ́kọ́ dà á rú: "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wa." Nínú gbọ̀ngán, wọ́n á dá a lóhùn, ara rẹ̀ á sì yá. Níwájú lẹ́ńsì, ó kí tán, ó dúró, kò sẹ́ni tó dáhùn, ojú rẹ̀ sì le koko. Bẹ́ẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa dá wò ó lórí fóònù, bóyá lóru. "Ẹ kú iṣẹ́ o" ni mo fi rọ́pò rẹ̀. "Ẹ" yẹn bá ẹnì kan mu, ó bá ọgọ́rùn-ún mu.

Àmọ́ gbólóhùn yìí ló jẹ ọjọ́ àkọ́kọ́ run: "Bí gbogbo wa ṣe mọ̀, láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìsanwó tuntun, èyí tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpàdé, àwọn ìpèníjà kan ti yọjú tí a sì ń ṣiṣẹ́ lé lórí." Ìgbà 11 ni ọ̀gá kà á. Èémí rẹ̀ á tán, á kọsẹ̀, a óò tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá, torí mi ò pín ọ̀rọ̀ náà sí abala. Nígbà tó wá kà á já, ojú rẹ̀ ń rìn láti òsì sí ọ̀tún lórí ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ hàn níwájú lẹ́ńsì. Ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé ó ń kàwé ni. Inú bí mi gidigidi.

Lóru ọjọ́ yẹn ni mo tún un kọ: "Owó oṣù kẹta pẹ́ kó tó wọlé. Ètò ìsanwó tuntun ló fà á. A ti tún un ṣe." Mo dárúkọ oṣù, torí "oṣù tó kọjá" kò ní jóòótọ́ mọ́ fún ẹni tó bá pẹ́ wò ó. Mo pín gbogbo rẹ̀ sí abala mẹ́fà. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, abala yẹn nìkan la tún gbà. Níbi ìsopọ̀, oníkámẹ́rà á sún àwòrán mọ́ ojú rẹ̀, kí ibi tí a gé má bàa hàn.

Ti ojú tó ń rìn, a ṣe ìlà ní tóóró, ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, a gbé kámẹ́rà sẹ́yìn dáadáa, a wá fi lẹ́ńsì fa ọ̀gá súnmọ́. Ojú rẹ̀ dúró sójú kan.

Iná, ohùn àti aṣọ, oníkámẹ́rà mọ̀ wọ́n. Èmi ì bá ti ka ọ̀rọ̀ náà sókè nílé pẹ̀lú aago ni: ti àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, èyí tí a gbé jáde ò pé mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, kí ọ̀sán tó pọ́n, a ti parí. Ọ̀gá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ohùn òun gan-an nìyẹn. Orí mi wú, àmọ́ owó ọjọ́ kejì yẹn ti lọ.