Ìmọ̀lára ń lọ, àmì ń bọ̀: ibi tí a ti máa ń ṣì í nínú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ lẹ́yìn, lápá ọ̀tún, tí ọ̀bẹ sì gé ìdajì okùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbé. Síbẹ̀, tí ẹ bá fi pínnì gún ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn, á ní ó ń dun òun. Ẹ gún ti òsì tó ń gbé dáadáa, á ní òun mọ̀ pé nǹkan kan òun, àmọ́ kò mú. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí ìmọ̀lára ń gbà á sọ pé aláìsàn ń díbọ́n. Kò díbọ́n rárá. Láti nǹkan bí ọdún 1850 ni oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní Brown-Séquard ti ṣàlàyé irú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn yìí.

Àṣìṣe tó bí àwọn yòókù ni kéèyàn rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ìmọ̀lára ń gbà dé ọpọlọ. Ọ̀nà méjì ni. Ọ̀nà méjèèjì ń sọdá sí òdìkejì ara, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń sọdá yàtọ̀ síra.

Ìfọwọ́kàn tó péye, gbígbọ̀n, àti mímọ ibi tí oríkèé wà láìwò ó, ẹ̀yìn okùn ni wọ́n ń gbà. Iṣan tó gbé e wọlé láti ẹsẹ̀ ọ̀tún kì í dúró fà á lé ẹnì kankan lọ́wọ́ nínú okùn. Apá ọ̀tún ló máa bá gòkè títí dé ìdí ọpọlọ. Ibẹ̀ ló ti máa fà á lé sẹ́ẹ̀lì kejì lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì kejì yìí ló sì ń sọdá sí òsì. Ti ìrora, ìgbóná àti òtútù yàtọ̀. Bí iṣan wọn bá ti wọ inú okùn, ó lè gòkè ní ìpele kan sí méjì péré kó tó fà á lé sẹ́ẹ̀lì kejì lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì kejì náà á gba àárín okùn sọdá lójú ẹsẹ̀, á wá gba iwájú àti ẹ̀gbẹ́ òdìkejì gòkè. Tálámọ́ọ̀sì, ibùdó kan láàárín ọpọlọ, ni ọ̀nà méjèèjì ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé èèpo ọpọlọ.

Ní báyìí, ẹ padà sí ọgbẹ́ ọ̀bẹ wa, kí ẹ fi í sí ìpele kẹjọ àyà, tí ìwé àyẹ̀wò ń kọ ní T8, lápá ọ̀tún. Gbígbọ̀n ẹsẹ̀ ọ̀tún kò tíì sọdá nígbà tó dé ibi ọgbẹ́, nítorí náà ó gé. Ìrora ẹsẹ̀ òsì ti sọdá sí ọ̀tún nísàlẹ̀, òun náà gé. Ìrora ẹsẹ̀ ọ̀tún ti bọ́ sí òsì tipẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ máa tún rí ọ̀já tín-ín-rín kan lára awọ apá ọ̀tún, ní ìpele ọgbẹ́ gan-an, tí kò mọ nǹkan kan rárá, torí pé ẹnu ọ̀nà tí iṣan ń gbà wọlé níbẹ̀ ti bàjẹ́.

Àṣìṣe kejì ló ń ná aláìsàn lówó: kí ẹ ka ibi tí ìrora ti pin lára awọ sí ibi tí ọgbẹ́ wà. Nítorí ìpele kan sí méjì tí ìrora ń gùn kó tó sọdá, ààlà rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ ọgbẹ́. Orí ọmú ni T4, ìdodo ni T10. Aláìsàn wa lè má mọ pínnì láti ìdodo sísàlẹ̀ ní òsì, kí ọgbẹ́ sì wà ní T8. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: okùn kúrú ju ọ̀pá ẹ̀yìn tó gbé e lọ, torí ó máa ń parí sí nǹkan bí eegun ìbàdí kìíní tàbí ìkejì lára àgbàlagbà. Ìpele T8 ti okùn kò sí lẹ́yìn eegun T8. Nǹkan bí eegun T6 ló wà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ya àwòrán MRI láti eegun T10 sísàlẹ̀, torí pé ìdodo ló rí, á gba àwòrán tó mọ́ tónítóní, ọgbẹ́ á sì wà lókè ibi tí àwòrán dé.

Tó bá jẹ́ kókó ló ń tẹ okùn láti ìta, ààlà tún lè tanni jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀nà ìrora, etí ìta ni iṣan tó ti ẹsẹ̀ àti ìdí wá wà, àwọn ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lè kọ́kọ́ kàn. Kókó tó wà lọ́rùn lè kọ́kọ́ hàn ní ẹsẹ̀, kí ààlà tó máa gùn díẹ̀díẹ̀. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń kú tí ẹ kò rí nǹkan nísàlẹ̀, ẹ ya gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn títí dé ọrùn.

Òwú nìkan kò tó fún àyẹ̀wò. Ìfọwọ́kàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń gba ọ̀nà méjèèjì, nítorí náà ó lè ṣẹ́ kù nígbà tí ọ̀kan ti bàjẹ́ pátápátá. Ẹni tí ihò olómi ń fẹ̀ láàárín okùn rẹ̀ lọ́rùn lè mọ òwú lọ́wọ́ dáadáa, kí ìkòkò gbígbóná sì máa bó o lọ́wọ́ láìmọ̀, torí pé àárín yẹn gan-an ni ìrora ti ń sọdá.

Bí a ṣe ń dán an wò náà máa ń bà á jẹ́. Fún gbígbọ̀n, ẹ lo irin ẹlẹ́ka méjì tí wọ́n kọ 128 Hz sí lára, ẹ lù ú kó máa gbọ̀n, ẹ fi ìdí rẹ̀ lé eegun: ẹ̀yìn oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, kókósẹ̀, lẹ́yìn náà orúnkún. Kí ojú aláìsàn wà ní dídì. Ẹ má béèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n, torí pé irin tí kò gbọ̀n rárá náà tutù, ó sì wúwo, á sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní kó sọ ìgbà tí gbígbọ̀n dúró, kí ẹ sì fi ìka pa á nígbà tí kò retí rẹ̀. Fún ìrora, pínnì tuntun fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ gbígba ẹ̀jẹ̀ ń gé awọ, ẹ má lò ó. Ibi tó ti kú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè síbi tó yè, torí pé ó rọrùn fún aláìsàn láti sọ ibi tó ti di mímú. Ẹ béèrè pé “ṣé ó mú àbí ó kú?”, kì í ṣe “ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

Àwọn kan máa ń fo gbígbọ̀n torí pé kò sí irin náà ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tí fítámì B12 kò tó lára rẹ̀ ló ń jìyà èyí. Ẹ̀yìn okùn ni àìtó yẹn sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́: pínnì á mú, òwú á ṣeé mọ̀, àmọ́ gbígbọ̀n ti lọ lẹ́sẹ̀, á sì máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tó bá dìjú dúró. Tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó, tí wọ́n sì fún un ní oògùn fólíìkì nìkan, ẹ̀jẹ̀ lè gòkè kí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti yá, nígbà tí okùn ṣì ń bàjẹ́ lọ. Ẹ dán gbígbọ̀n wò kí ẹ tó kọ fólíìkì, kí ẹ sì rí i pé wọ́n ti yẹ B12 wò.